Báwo ni mo ṣe lè fi LinkedIn mọ ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan gbà wọlé?

Akínlérè_88

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń dáhùn fóònù àwọn oníbàárà. Mo ti kọ́ Excel àti SQL, iṣẹ́ atúpalẹ̀ détà ni mo fẹ́ bọ́ sí, iléeṣẹ́ adójútòfò ńlá kan sì wà tí ọkàn mi fà sí. Mo ṣí ojúewé wọn lórí LinkedIn, mo rí i pé òṣìṣẹ́ tó lé ní 1,900 ló wà níbẹ̀. Mẹ́fà tí mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, gbogbo wọn ló ní oyè másítà. Èmi ò ní. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó lè mọ̀ bóyá irú èmi máa ń wọbẹ̀? Ṣé wọ́n á sì mọ̀ pé mo ń wo pírófáìlì wọn?

Ọ̀pẹ́yẹmí_T

Wọ́n á mọ̀, àfi tó o bá lọ sí Settings, kó o yan Private mode. Lẹ́yìn ìyẹn, wo ẹni tó bá wù ẹ́, kò sí ohun tó máa ná ẹ. Ní ti másítà, mi ò ní tàn ẹ́. Tí mẹ́fà nínú mẹ́fà bá ní i, ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn. Wá iléeṣẹ́ mìíràn, tàbí kó o padà síléèwé.

Màmá Fẹ́mi

Akínlérè, má tíì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ másítà yẹn kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá ọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò ní ẹ̀ka tó ń gba èèyàn síṣẹ́, ní iléeṣẹ́ méjì. Àwọn tí LinkedIn kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ kì í ṣe àpẹẹrẹ gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Àwọn tó rí i pé wọ́n sún mọ́ ọ ló ń kó jáde ṣáájú: ẹni tí ẹ jọ mọ ẹnì kan, ẹni tí ẹ jọ lọ síléèwé. Mẹ́fà yẹn lè jẹ́ ará ẹ̀ka kan ṣoṣo tí wọ́n mọ ara wọn.

Ojúewé iléeṣẹ́ náà ni kó o padà sí, kó o tẹ People. Àpótí kan wà lókè níbẹ̀ tó o lè kọ orúkọ iṣẹ́ sí. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, nítorí orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ. Nílé adójútòfò, iṣẹ́ kan náà tó ò ń wá yìí lè ní orúkọ mẹ́rin. Ẹlòmíì á kọ Data Analyst, ẹlòmíì á kọ MI Analyst, ìyẹn Management Information, àwọn kan á pe ara wọn ní Reporting Analyst tàbí Insight Analyst, gbogbo wọn á sì jọ máa ṣe ìròyìn kan náà fún àwọn máneja. Ṣùgbọ́n Pricing Analyst àti Actuarial Analyst kò sí lára wọn. Àwọn yẹn ló ń ṣírò iye tí oníbàárà máa san. Ìṣirò gidi ni wọ́n kọ́ nílé ìwé, àwọn Actuarial sì ń ṣe ìdánwò ẹgbẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Padà lọ wo àwọn onímásítà rẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kó o wo orúkọ tó wà lára iṣẹ́ wọn.

Tó o bá fẹ́ wá orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, wá People láti òkè ojú ìwé, tẹ All filters, yan iléeṣẹ́ náà sábẹ́ Current company, kó o sì kọ èyí sínú àpótí Title:

```
"data analyst" OR "MI analyst" OR "reporting analyst" OR "insight analyst"
```

Lẹ́tà ńlá ni kó o fi kọ OR, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa kà á sí ọ̀rọ̀ lásán.

Nígbà tó o bá wá ṣí pírófáìlì ẹnì kan, ìsàlẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí kà á, kó o máa gòkè bọ̀. Òkè ibẹ̀ ni èèyàn ti ń sọ bó ṣe fẹ́ ká rí òun, ìsàlẹ̀ ló ti jẹ́ ká rí ibi tó ti ń bọ̀. Ohun mẹ́ta péré ni kó o kọ sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: iṣẹ́ tó ń ṣe gẹ́lẹ́ kó tó di atúpalẹ̀, bóyá inú iléeṣẹ́ náà ló ti ṣe é tàbí ìta, àti oṣù pẹ̀lú ọdún tó bọ́ sípò atúpalẹ̀. Fi iléèwé sílẹ̀ ná. Tó o bá ti ka bí èèyàn márùndínlọ́gbọ̀n, wàá rí i tí ọ̀nà á máa yọjú fúnra rẹ̀.

Ọ̀pẹ́yẹmí, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ Private mode, àmọ́ ó máa ná an ní nǹkan. Lórí àkáǹtì ọ̀fẹ́, tó o bá fi orúkọ rẹ pa mọ́, ìwọ náà ò ní rí àwọn tó wá wo tìrẹ mọ́. Èmi kì í tiẹ̀ pa tèmi mọ́. Tí ẹnì kan bá rí orúkọ mi lónìí, tí mo wá kọ̀wé sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mi ò ní jẹ́ àjèjì pátápátá lójú rẹ̀.

Alájé_Ọ̀nà

Fọ́tò ni kó o kọ́kọ́ tún ṣe, àbúrò. Fọ́tò tí ojú rẹ mọ́lẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, kọ gbogbo ohun tó o mọ̀ sábẹ́ Skills, kí àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ lè rí ọ. Èmi, báyìí ni wọ́n ṣe rí mi.

Akínlérè_88

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Máa tún tèmi ṣe tó bá yá. Pírófáìlì tàwọn tó ti wà níbẹ̀ ni mo ń béèrè bí wọ́n ṣe ń kà.

Màmá Fẹ́mi, mo ti padà lọ wò ó. Márùn-ún nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ní Pricing lára orúkọ iṣẹ́ wọn! Ẹ ṣé gan-an mà. Mo ti ṣí tábìlì kan nínú Excel, màá padà wá jábọ̀.

Bísí_Arìnnà

Kó o tó kà á jìnnà, jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí, nítorí èmi náà ka irú nǹkan báyìí, mo sì ṣì í kà.

Iléeṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ wọ̀ lọ́dún bíi mélòó kan sẹ́yìn. Mo ka bí ogójì èèyàn lórí LinkedIn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí mo ń wá, mo ní ẹ̀ka yẹn mà tóbi o, wọ́n á máa gbani dáadáa. Mo fiṣẹ́ mi sílẹ̀ kí n lè ráyè múra sílẹ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wọn. Ọjọ́ tí mo débẹ̀ ni máneja sọ fún mi pé èèyàn mẹ́jọ ló wà ní ẹ̀ka òun. Àwọn yòókù, iléeṣẹ́ mìíràn tó ń yá wọn lóṣìṣẹ́ ló gbà wọ́n. Wọ́n kàn kọ orúkọ ibi tí wọ́n ń jókòó sí bí ẹni pé ibẹ̀ ló gbà wọ́n. LinkedIn kì í bi iléeṣẹ́ léèrè kó tó ka èèyàn mọ́ òṣìṣẹ́ wọn. Ohun tó o bá ti kọ, abẹ́ rẹ̀ ló máa kà ọ́ sí.

Nígbà tí mo padà lọ wò wọ́n, àmì ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, èmi ni mi ò wo déètì. Oṣù mẹ́fà, oṣù mẹ́fà, ọdún kan gééré, kí wọ́n tó kọjá sí iléeṣẹ́ mìíràn. Òṣìṣẹ́ tí iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbà kì í sábà ní irú déètì bẹ́ẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ kọ Contract síwájú iṣẹ́ wọn, mo fojú fò ó.

Màmá Fẹ́mi

Bísí, ẹ kú ìfaradà o. Òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ. Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un: àwọn tó ti kúrò tí wọn ò yí pírófáìlì wọn padà. Akínlérè, ẹni tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá ní ipò kan náà láìsí ohun kankan míì tó kọ, wò ó dáadáa kó o tó kà á. Ó lè jẹ́ pé ọdún kẹjọ rèé tó ti lọ.

Akínlérè_88

Ẹ káàárọ̀ o. Ọjọ́ kejìlá rèé, mo jábọ̀ dé.

Orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn gbé èèyàn méjìléláàádọ́ta jáde. Mẹ́rìnlá nínú wọn, LinkedIn Member nìkan ni mo rí, kò sí orúkọ, mi ò lè ṣí wọn. Mo yọ àwọn tó dà bíi tàwọn Ẹ̀gbọ́n Bísí kúrò, mo sì yọ àwọn tí pírófáìlì wọn ṣófo. Ó wá ku mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo lè kà dáadáa.

Mọ́kànlá nínú wọn, inú iléeṣẹ́ náà ni wọ́n ti bọ́ sípò atúpalẹ̀. Iṣẹ́ Claims Handler ni mẹ́jọ ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó owó òfò, mẹ́ta sì ń gbé fóònù bíi tèmi! Mẹ́sàn-án wá láti àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò mìíràn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe atúpalẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mẹ́rin wọlé gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́jáde tí wọ́n ń kọ́ níṣẹ́. Méjì tó kù, mi ò rí ìdí wọn. Másítà? Mẹ́ta péré.

Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó wá láti ibi tí kì í ṣe adójútòfò, tó sì bọ́ sí atúpalẹ̀ tààrà. Irú èmi nìyẹn.

Nǹkan míì tún ṣẹlẹ̀. Lánàá, LinkedIn sọ fún mi pé mo ti wá nǹkan kọjá ìwọ̀n lóṣù yìí. Ṣé mo ti ṣẹ̀ sí wọn ni?

Ọ̀pẹ́yẹmí_T

Kò sóhun tó burú níbẹ̀, wọ́n fẹ́ kó o sanwó ni. Má san án. Irinṣẹ́ kan wà tó o lè so mọ́ bíráósà rẹ, ó máa ṣí ẹgbẹ̀rún pírófáìlì láàárín alẹ́ kan, á sì da gbogbo rẹ̀ sínú tábìlì fún ẹ. Màá fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ.

Màmá Fẹ́mi

Ọ̀pẹ́yẹmí, jọ̀wọ́, má fi ránṣẹ́ sí i. Àdéhùn tí gbogbo wa fọwọ́ sí nígbà tí a ń ṣí àkáǹtì sọ pé ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ bá wa kó pírófáìlì àwọn èèyàn. Tí wọ́n bá rí i, wọ́n lè ti àkáǹtì náà pa, ẹni tó ń wáṣẹ́ ò sì gbọdọ̀ pàdánù àkáǹtì rẹ̀ lásìkò yìí.

Akínlérè, o ò ṣẹ̀. Àkáǹtì ọ̀fẹ́ ní ìwọ̀n tó lè wá nǹkan dé lóṣù kan, lọ́jọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ ló máa tún ṣí fún ọ. Tó o bá wá ẹnì kan ní orúkọ rẹ̀ láti àpótí òkè, ìyẹn ò sí lára ohun tí wọ́n ń kà. Ó sì tún ṣeé ṣe láti gba Google wọlé:

```
site:linkedin.com/in "claims handler" "data analyst" "orúkọ iléeṣẹ́"
```

Kìkì àwọn tó jẹ́ kí gbogbo ayé rí pírófáìlì wọn ló máa gbé jáde, ohun tó bá sì fi hàn ọ́ lè ti pẹ́ díẹ̀. Nígbà míì, ó máa ń gbé ara àwọn LinkedIn Member tó o ò rí orúkọ wọn jáde.

Ó wá ku tábìlì rẹ. Inú mi dùn sí i, ó ti di ohun gidi. Ṣùgbọ́n nínú ohun mẹ́ta tí mo ní kó o kọ, o ò sọ̀rọ̀ nípa oṣù àti ọdún. To àwọn mọ́kànlá tó tinú iléeṣẹ́ bọ́ síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bí wọ́n ṣe yípò padà, kó o wá kọ ọ́ síbí fún wa.

Akínlérè_88

Èyí rèé mà. Ẹnì kan ní 2016, ẹnì kan ní 2018. Márùn-ún ní oṣù kẹsàn-án 2021. Ẹnì kan ní 2022, méjì ní 2023, ẹnì kan ní 2024.

Màmá Fẹ́mi

Ṣé o rí i báyìí? Márùn-ún lóṣù kan ṣoṣo. Èèyàn márùn-ún kì í dìde lọ́jọ́ kan náà láti wáṣẹ́ kan náà. Tí mo bá rí irú èyí, ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni pé iléeṣẹ́ ló ṣe àtúntò. Ó lè jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n dá ẹ̀ka tuntun sílẹ̀ lóṣù yẹn, tí wọ́n kó èèyàn láti inú ilé lọ síbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń ṣe, orúkọ ló yí padà. Èyí tó wù kó jẹ́, ilẹ̀kùn yẹn ṣí lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti padé. Má kà á mọ́ ọ̀nà tìrẹ.

Mẹ́rin tó bọ́ síbẹ̀ láti 2022 wá ni kó o máa kà. Ẹnì kan tàbí méjì lọ́dún. Ọ̀nà kan wà lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà tóóró ni. Báwo ni wọ́n ṣe pẹ́ tó ní ipò tí wọ́n kọ́kọ́ wà?

Akínlérè_88

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. Ọdún méjì. Ọdún méjì àti oṣù mọ́kànlá. Ẹnì kan lo ọdún mẹ́fà. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ Claims Handler, ẹni tó lo ọdún mẹ́fà ló ń gbé fóònù.

Ọ̀mọ̀ràn_Ìṣirò

Ẹ dákun, mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè, ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn tó yege nìkan ni gbogbo yín ń wò. Ẹni tó bá jẹ́ atúpalẹ̀ lónìí ni ìwádìí yín gbé jáde, nítorí náà dandan ni kí ẹ rí i pé ọ̀nà wà. Èèyàn mélòó ló wọlé gẹ́gẹ́ bíi Claims Handler pẹ̀lú èrò pé òun á bọ́ sí détà, tí kò bọ́ síbẹ̀ títí tó fi kúrò? Àwọn yẹn ò lè yọjú, nítorí orúkọ atúpalẹ̀ lẹ fi ń sẹ́ wọn. Ká ní mẹ́rin bọ́ síbẹ̀ nínú mẹ́wàá, ẹ̀rí gidi nìyẹn. Tó bá jẹ́ mẹ́rin nínú irínwó ńkọ́?

Màmá Fẹ́mi

Ẹ ṣé, ọ̀rọ̀ yín múná, kò sì ṣeé fojú fò. Ọ̀nà kan wà tí a lè fi rí díẹ̀ lára wọn. Akínlérè, tí oṣù bá ti yí, ṣí All filters, fi iléeṣẹ́ náà sábẹ́ Past company dípò Current company, kó o kọ "claims" sínú àpótí tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń wá sí lókè. Àwọn tó ti lọ lo máa rí. Wo ibi tí wọ́n gbà lọ.

Akínlérè_88

Oṣù ti yí, mo ti ṣe é. Mo ka ọgbọ̀n èèyàn tó ti ṣe Claims Handler níbẹ̀ rí, tí wọ́n sì ti kúrò.

Mọ́kàndínlógún nínú wọn kò ṣe ohun mìíràn ju owó òfò lọ, wọ́n sì gba iṣẹ́ kan náà níbòmíràn. Mẹ́fà di alábòójútó kí wọ́n tó lọ. Ṣùgbọ́n mi ò retí ti márùn-ún tó kù. Wọn ò di atúpalẹ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n di atúpalẹ̀ ní iléeṣẹ́ adójútòfò mìíràn! Mẹ́ta nínú wọn lọ sí iléeṣẹ́ kan náà, èyí tó kéré sí i.

Ọ̀mọ̀ràn_Ìṣirò

Èyí gan-an ni mo fẹ́ kó o rí. Mi ò ní sọ pé márùn-ún nínú ọgbọ̀n ni iye tòótọ́, nítorí a ò mọ ẹni tó ní in lọ́kàn àti ẹni tí kò ní in. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ kékeré yẹn ń gba àwọn tó mọ owó òfò sídìí détà. Èmi á lọ ṣí ojúewé tiwọn.

Bísí_Arìnnà

Àbí ẹ ò rí nǹkan. Iléeṣẹ́ tí èèyàn ò gbúròó rẹ̀ rí ni ọ̀nà wá là sí.

Ọmọ_Nọ́ọ̀sì

Ẹ má bínú, mo fẹ́ yà bàrá díẹ̀. Mo gbìyànjú ohun tí Màmá Fẹ́mi sọ yìí fún ọsibítù tí mo fẹ́ lọ, kò ju nọ́ọ̀sì méje tí mo rí, bẹ́ẹ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣé èmi ni mi ò wá a dáadáa ni?

Màmá Fẹ́mi

Rárá, o wá a dáadáa. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ò fi ti LinkedIn ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni awakọ̀, kọ́lékọ́lé àti ọ̀pọ̀ olùkọ́. Àwọn méje tó o rí yẹn lè jẹ́ àwọn tó ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn, tí wọ́n ń ṣe alábòójútó. Má fi wọ́n ṣèdájọ́ fún àwọn yòókù. Fún irú iṣẹ́ tìrẹ, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lo máa wá lójúkojú. Ibi tí èèyàn wà náà tún lè mú kó yàtọ̀ o. Ní Jẹ́mánì, fún àpẹẹrẹ, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣì wà lórí XING, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Hamburg lọ́dún 2003. Ẹni tó bá wo LinkedIn nìkan níbẹ̀ ò tíì rí gbogbo wọn.

Akínlérè, jẹ́ ká padà sọ́rọ̀ tìrẹ. Pírófáìlì ò lè sọ jù báyìí lọ fún ọ. Ó máa sọ ìgbà tí èèyàn yípò padà, kò ní sọ ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un. Lọ sí ojúewé iléèwé tó o lọ, tẹ Alumni, kó o kọ orúkọ iléeṣẹ́ náà síbẹ̀. Wò ó bóyá ẹnì kan nínú àwọn mẹ́rin yẹn máa yọjú.

Akínlérè_88

Obìnrin kan yọjú mà! Ẹni tó lo ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. Ó fi ọdún mẹ́ta ṣáájú mi níléèwé. Kí ni kí n sọ fún un? Mo ti kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan, mo ní kó bá mi fi ìwé ìtàn iṣẹ́ mi lé máneja rẹ̀ lọ́wọ́.

Màmá Fẹ́mi

Pa á rẹ́. Kò mọ̀ ọ́ rí, o sì ti ní kó fi orúkọ rẹ̀ dúró fún ọ. Ohun tí pírófáìlì rẹ̀ ò sọ ni kó o béèrè, ohun kan ṣoṣo, tó lè dáhùn láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀rọ̀ tó ń bá ìbéèrè láti so pọ̀, ìyẹn Connect, rìn lórí àkáǹtì ọ̀fẹ́ ò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 200 lọ, wọn kì í sì í jẹ́ ká kọ ọ́ sí ju ìwọ̀nba èèyàn lóṣù kan. Lò ó fún ẹni tó kàn gbọ̀ngbọ̀n. Báyìí ni mo ṣe máa kọ ọ́:

"Ẹ ǹlẹ́ mà. Iléèwé kan náà la lọ. Mo rí i pé ìdí owó òfò lẹ ti bọ́ sí détà. Ṣé ìpolówó inú ilé lẹ kọ̀wé sí ni, àbí máneja ló pè yín? Ẹ ṣé."

Akínlérè_88

Ó dáhùn! Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà á. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó sọ ọ́ síbí, ó ní kò burú tí mi ò bá ti dárúkọ òun.

Ó ní ìpolówó inú ilé ni, àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ló sì ń rí i. Ìdí nìyí tí mi ò fi rí irú iṣẹ́ yẹn níta rí. Wọ́n ní ẹni tí kò bá tíì pé ọdún kan ní ipò tó wà ò gbọdọ̀ kọ̀wé sí i. Kó tó dìgbà yẹn, ó ti ṣe tábìlì kan fúnra rẹ̀ tó ń fi àwọn fáìlì òfò tó ti pẹ́ jù nílẹ̀ hàn, alábòójútó rẹ̀ sì ń lò ó ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè. Òun ló gbé lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ó tún fi kún un pé àwọn tó ń gbé fóònù kì í rí détà òfò, pé òun mọ̀ pé ìyẹn ló ń dá wọn dúró.

Ọ̀pẹ́yẹmí_T

Mo gbà pé mo sáré sọ̀rọ̀ nípa másítà yẹn. Ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn. Gba iṣẹ́ Claims Handler, fara dà á fọ́dún kan, kó o kọjá.

Ọ̀mọ̀ràn_Ìṣirò

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Mọ́kàndínlógún nínú ọgbọ̀n ò kúrò nídìí owó òfò. Ọdún kan tó o bá lò níbẹ̀ lè di mẹ́rin kó o tó mọ̀, ẹnì kan tàbí méjì péré ni wọ́n sì ń mú lọ́dún. Èmi á kọ̀wé sí iléeṣẹ́ kékeré yẹn báyìí, pẹ̀lú SQL tó ti mọ̀.

Màmá Fẹ́mi

Àwọn mẹ́ta tí iléeṣẹ́ kékeré yẹn gbà, wọ́n ti mọ owó òfò kí wọ́n tó débẹ̀. Akínlérè ò tíì mọ̀ ọ́n. Mi ò rò pé SQL nìkan ló gbé wọn wọlé, ṣùgbọ́n mi ò lè búra pé òun kọ́.

Akínlérè_88

Mo ti ṣí tábìlì kejì fún iléeṣẹ́ kékeré náà. Àwọn atúpalẹ̀ wọn tí mo rí ò ju mọ́kànlá lọ, mo ti ka mẹ́fà. Ọ̀kan nínú wọn wá láti ìdí fóònù, kò ṣe owó òfò rí, ní 2023 ló sì wọlé. Alẹ́ òní ni mo máa kọ̀wé sí i.